Orí Kẹfà: Àkọlé Kéékèèké fún Òǹkàwé Tó Ń Wá Ìdáhùn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kọ àròkọ alálàyé ní ilé ẹ̀kọ́ girama mọ ìlànà rẹ̀: ìfáárà, kókó kọ̀ọ̀kan nínú ìpínrọ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ìgúnlẹ̀. Ìlànà yẹn dára fún ẹni tí yóò ka iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀, ẹni tó ń máàkì ìdánwò kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó kà á tán lọ. Àmọ́ àpilẹ̀kọ gígùn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe nǹkan ní òǹkàwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ ẹni yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan kan ló rú u lójú tó fi ṣí ìwé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń wá, tó bá sì rí i, yóò pa ìwé dé. Orí yìí dá lórí bí a ó ṣe to àkọlé kéékèèké tí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ yóò fi rí ohun tó ń wá kíákíá.

Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 1997 lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kàwé lójú kọ̀ǹpútà. Ìdá 79 nínú 100 àwọn tó yẹ̀ wò ló ń fojú fo gbogbo ojú ìwé tuntun tí wọ́n bá ṣí. Ìdá 16 péré ló ń ka ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2006, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tọpa ojú ènìyàn 232. Wọ́n rí i pé òǹkàwé máa ń ka ìlà àkọ́kọ́ títí dé ọ̀tún, ó máa ń ka òmíràn dé ìdajì, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á wá máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ ní apá òsì, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ni yóò sì máa rí. Ìwé títẹ̀ yàtọ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá nǹkan nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà kì í ṣe é lọ́nà mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi apá òsì yẹn sọ́kàn. Yóò di ìṣòro fún àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá láìpẹ́.

Inú ìbéèrè ni àkọlé ti ń jáde

Ká ní a fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ ọlọ́rọ̀ 3000 lórí bí a ṣe ń ṣe gàrí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi í ṣe òwò. Akọ̀wé tí kò tíì ronú nípa òǹkàwé rẹ̀ yóò to àkọlé báyìí: Ìfáárà, Ìtàn Ẹ̀gẹ́ Nílẹ̀ Wa, Àwọn Ohun Èlò, Ìgbésẹ̀ Kìn-ín-ní títí dé Ìgbésẹ̀ Keje, Àwọn Àǹfààní Gàrí, Ìkìlọ̀, Ìkádìí. Ojú ìwé náà yóò mọ́ tónítóní. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé ìwé náà fún obìnrin kan tó jókòó ti agbada lórí iná, tí gàrí rẹ̀ ń dì ní kókó lójú rẹ̀ kòrókòró. Abẹ́ àkọlé wo ni yóò wò? Kò mọ̀ pé yíyan ni akọ̀wé pè ní Ìgbésẹ̀ Kẹfà. Ó lè yẹ Ìkìlọ̀ wò, kó bá ọ̀rọ̀ májèlé níbẹ̀, kó sì gbé ìwé jù sílẹ̀. Gbogbo àkọlé wọ̀nyẹn ń sọ ibi tí akọ̀wé dé nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀.

Nítorí náà, kí o tó kọ àkọlé kankan, kó ìbéèrè jọ ná. Lọ jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, kí o sì fetí sí ohun tí àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ náà ń bi àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe bèèrè gan-an ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe tún èdè wọn ṣe. Ìwọ yóò rí i pé ibi tí iṣẹ́ oníkálukú dé ló ń bí ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú oko yóò bèèrè pé, “Tí mo bá hú u lónìí, ṣé ó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ẹni tó ti lọ ẹ̀gẹ́ sínú àpò yóò ní, “Ọjọ́ mélòó ni kí n fi í sílẹ̀ kó kan?” Èyí tó wà lẹ́nu iná ní, “Kí ló dé tó ń dì?” Èyí tó ti kó gàrí sí yàrá fún oṣù kan ní, “Kí ló dé tó bu?” Ẹni tó fẹ́ yá owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìbéèrè tirẹ̀ sì le: “Ẹ̀gẹ́ kílò 100, kílò gàrí mélòó ni yóò fún mi?”

Kò sí ẹni tó bèèrè ìtàn ẹ̀gẹ́. Èyí kò ní ká pa ìtàn náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró sójú ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀ jù láti yọ ọ́ kúrò (mo mọ àwọn akọ̀wé tí ọkàn wọn kì í gbà), ìparí àpilẹ̀kọ ni kí o gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ tó dá yàtọ̀ ni kó ṣíwájú

Apá òsì tí mo ní kí a fi sọ́kàn ti dé báyìí. Bí akọ̀wé Yorùbá bá fẹ́ to ìgbésẹ̀ gàrí láìlo nọ́ńbà, ohun tó máa kọ́kọ́ sí i lọ́wọ́ nìyí:

Bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́
Bí a ṣe ń fọ ẹ̀gẹ́
Bí a ṣe ń lọ ẹ̀gẹ́
Bí a ṣe ń fún omi ẹ̀gẹ́
Bí a ṣe ń yan gàrí

Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ wo apá òsì: “Bí a ṣe ń” ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Òǹkàwé tí ojú rẹ̀ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ kò rí nǹkan kan tó fi lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àfi kó dúró ka ìlà kọ̀ọ̀kan dé òpin. “Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa” ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, “Àwọn ọ̀nà tí a lè gbà” náà sì ń dá a sílẹ̀.

Èdè wa ní ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ń ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe: Bíbó, Fífọ̀, Lílọ̀, Fífún, Yíyan. Iṣẹ́ náà ti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Síbẹ̀, Yíyan nìkan kò tíì sọ ju ibi tí a dé lọ. Fi ìdáhùn tó ṣe pàtàkì jù lábẹ́ àkọlé náà lé e: “Yíyan: iná díẹ̀, ọwọ́ tí kì í dúró”. “Kíkan nínú àpò: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta”. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye ọjọ́ ti rí ìdáhùn lójú àkọlé, kò sì nílò láti ka ìpínrọ̀ abẹ́ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé kan kì í fẹ́ èyí. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn fo iṣẹ́ àwọn. Fífò ni òǹkàwé wá ṣe.

Àmì ohùn ò gbọdọ̀ sọnù lórí àkọlé, kódà bí o bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́ sí i nínú ìpínrọ̀. Nínú gbólóhùn, àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ yóò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá lílọ ni tàbí lílọ̀. Àkọlé ò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbà á sílẹ̀.

Fún apá tó jẹ́ ti ìṣòro, má ṣe lo orúkọ iṣẹ́ rárá. Ohun tí òǹkàwé ń fojú rí ni kó bẹ̀rẹ̀ àkọlé, nítorí kò tíì mọ ohun tó fà á. “Omi pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ lílọ̀” jẹ́ àkọlé ẹni tó ti mọ ìdí. Obìnrin tó wà lẹ́nu iná kókó ló ń rí, nítorí náà kọ “Gàrí ń dì ní kókó” fún un.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ lábẹ́ àkọlé

Àkọlé lè dára kí abẹ́ rẹ̀ sì já òǹkàwé kulẹ̀. Ka ìpínrọ̀ yìí, tó wà lábẹ́ Ìgbésẹ̀ Kẹfà, ìyẹn yíyan, nínú àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ tí a mú wá:

“Lẹ́yìn èyí, a ó dà á sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ pé láti ayébáyé ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ. Bí a bá ti ń yí i, ó lè dì bí ó bá ṣì tutù, tàbí bí ó bá pọ̀ jù.”

Ẹni tó kà á láti òkè yóò mọ ohun tí “èyí” jẹ́. Ẹni tó fò dé ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí “á” àti “rẹ̀” dúró fún. Nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn, ṣé ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù ni àbí iná? Èdè wa fẹ́ràn kí á fi “ó” àti “rẹ̀” rọ́pò orúkọ tí a ti dá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dùn létí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí á dá orúkọ náà padà, bí ẹni pé òǹkàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìṣòro kejì ni pé ìdáhùn náà ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìyìn àwọn ìyá.

Ìpínrọ̀ tí a tún kọ nìyí, lábẹ́ “Gàrí ń dì ní kókó”:

“Gàrí máa ń dì bí omi bá ṣì pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ lílọ̀, tàbí bí iná bá ti gbóná jù nígbà tí o dà á sínú agbada. Ooru gbígbóná tó bá bá omi púpọ̀ pàdé ló ń sọ ẹ̀gẹ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ, kí ó tó ráyè gbẹ. Fa igi jáde kí iná lọ sílẹ̀, fi àfọ́kù igbá tẹ kókó náà fọ́, kí o sì máa yí i láìdúró. Kí o tó da òmíràn sí i, bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tó kù kí o fún un. Bí omi bá yọ láàárín ìka, kò tíì tó yan. Dá a padà sábẹ́ jáákì.”

Ohun tó fà á wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ tẹ̀lé e fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọwọ́ yóò ṣe nísinsìnyí, àti àyẹ̀wò tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó di dandan kí á ti ka òkè kó tó yéni.

Ìkìlọ̀ kì í ní ilé tirẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́, Ìkìlọ̀ ní àkọlé tirẹ̀ nítòsí ìparí. Òǹkàwé tó ń fojú fo ìwé kò ní dé ibẹ̀, bó bá sì dé ibẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun kan nínú tó ń tú sáyánáìdì jáde bí a bá gé e tàbí tí a lọ̀ ọ́, èèpo rẹ̀ sì ni ó pọ̀ sí jù. Lílọ̀, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé e jáde. Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yẹ kó wà yàtọ̀ síra. Pé èèpo funfun inú gbọ́dọ̀ kúrò tòun tèèpo òde, abẹ́ Bíbó ni kó wà. Pé kí á má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu omi tó ń ro sílẹ̀ lábẹ́ jáákì, kí omi náà má sì ṣàn lọ sódò, abẹ́ Fífún ni. Pé kí á má tìtorí ọjà fo kíkan kí á sì yan gàrí ní ìkánjú, abẹ́ Kíkan.

Ṣáájú ìṣe tó kàn ni kí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. “Da omi náà nù. Àkíyèsí: má dà á sódò” ti pẹ́ fún ẹni tó ń ṣe é bó ṣe ń kà á.

Ibi tí kò yẹ kí á pín

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ adùn àkọlé, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí gé gbogbo nǹkan. Yíyan gàrí jẹ́ iṣẹ́ àìdánudúró kan: fi epo díẹ̀ nu agbada, da ẹ̀gẹ́ jíjọ̀ sí i, máa yí, máa tẹ̀ ẹ́, dín iná, fikún iná, títí yóò fi máa dún ṣákáṣáká. Bí o bá fi àkọlé mẹ́rin gé e, òǹkàwé yóò rò pé ó lè sinmi láàárín, gàrí rẹ̀ yóò sì jóná. Níbi tí ọwọ́ kò ti gbọdọ̀ dúró, kí àkọlé má dá ojú dúró. Níbi tí ènìyàn ti lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sùn, bí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò, ibẹ̀ ni ààlà gidi wà, ibẹ̀ sì ni àkọlé tuntun ti yẹ.

Ní tèmi, ìpele àkọlé méjì tó fún àpilẹ̀kọ bí irú èyí. Bí ìpele kẹta bá ti wọlé, òǹkàwé kì í mọ abẹ́ èwo lòun wà mọ́. Bí abẹ́ àkọlé kan bá kọjá nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300, wò ó bóyá ìbéèrè méjì ló fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ gbólóhùn kan péré ló wà lábẹ́ àkọlé, dà á pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀, àfi bí gbólóhùn kan náà bá jẹ́ ìdáhùn tí ènìyàn púpọ̀ ń wá.

Má ṣe da àkọlé iṣẹ́ àti àkọlé ìṣòro pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ fẹ́ bá a lọ létòlétò. Ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ fẹ́ bẹ́ sójú ibi tó bàjẹ́. Àpilẹ̀kọ gàrí wa wá dúró báyìí:

*Kí o tó bẹ̀rẹ̀*
Ẹ̀gẹ́ kílò 100 ń mú gàrí bíi kílò 20 sí 25 wá
Híhú: má hú ju èyí tí o lè bó láàárín ọjọ́ méjì

*Iṣẹ́ náà*
Bíbó àti fífọ̀: èèpo funfun inú náà gbọ́dọ̀ kúrò
Lílọ̀: kí ó kúnná, kí ó má ní ègé
Kíkan nínú àpò: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ti Ìjẹ̀bú lè jù bẹ́ẹ̀
Fífún omi: títí ẹ̀kúnwọ́ kò fi ní yọ omi mọ́
Jíjọ̀ àti yíyan: iná díẹ̀, ọwọ́ tí kì í dúró
Títutù: má kó gàrí gbígbóná sápò

*Bí nǹkan kò bá lọ déédéé*
Gàrí ń dì ní kókó
Gàrí kò kan tó
Gàrí bu nínú àpò

Jíjọ̀ kò ní àkọlé tirẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó bèèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Bíbu sì fara hàn níbi méjì: Títutù sọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀, ìyẹn pé ooru inú gàrí gbígbóná yóò di omi nínú àpò, àkọlé tó kẹ́yìn sọ ohun tí a ó ṣe sí àpò tó ti bu, pé dídànù ni. Ó sàn kí á tún gbólóhùn kan sọ níbi méjì ju kí á ní “wo òkè” fún ẹni tí kò ti òkè wá.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé àkọlé ń ṣiṣẹ́

Da àwọn àkọlé nìkan kọ sórí ìwé kan, láìsí ìpínrọ̀ kankan. Wá ẹni tí kò bá ọ kọ ọ́, tí kò sì ka àpilẹ̀kọ náà rí. Bi í ní àwọn ìbéèrè tí o kó jọ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì ní kó fi ìka sórí àkọlé tó rò pé ìdáhùn wà. Má ràn án lọ́wọ́, má sì ṣàlàyé.

Bí ìka rẹ̀ bá lọ tààrà, ó dára. Bó bá ń lọ bọ̀ láàárín àkọlé méjì, àwọn méjèèjì ń ṣèlérí ohun kan náà. Ó ṣeé ṣe kí èyí ṣẹlẹ̀ láàárín “Kíkan nínú àpò” àti “Gàrí kò kan tó”. Ìyẹn kì í ṣe àléébù bí ó bá rí ìdáhùn lábẹ́ èyíkéyìí tó bá mú. Bó bá lọ tààrà síbi tí ìdáhùn kò sí, àkọlé náà ń parọ́, èyí ló sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Òǹkàwé tí àkọlé ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀mejì kì í gba ẹ̀kẹta gbọ́. Má ṣe yí ìka rẹ̀ padà. Ìdáhùn ni kí o gbé lọ síbi tí ìka náà lọ, tàbí kí o yí ọ̀rọ̀ àkọlé.

Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ fún ọ bóyá ohun tó wà lábẹ́ àkọlé jẹ́ òótọ́. Gbé ìyẹn lọ bá ìyá tó ń yan gàrí.

Iṣẹ́ àmúṣe

1. Wá ìwé ìtọ́nisọ́nà kan ní èdè Yorùbá, bí ti ọ̀gbìn, ìlera tàbí oúnjẹ. Da àwọn àkọlé rẹ̀ kọ. Fa ìlà sábẹ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, kí o sì tún wọn kọ kí ọ̀rọ̀ tó dá yàtọ̀ lè ṣíwájú.

2. Ẹnì kan kọ àkọlé yìí sínú àpilẹ̀kọ lórí aṣọ àdìrẹ: “Àwọn ohun tó yẹ kí a kíyè sí nípa aró”. Bi aládìrẹ kan ní ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bèèrè nípa aró, kí o sì fi àkọlé mẹ́ta rọ́pò ẹyọ kan yẹn.

3. Kọ ìpínrọ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ “Gàrí kò kan tó”. Òǹkàwé rẹ ti yan gàrí náà tán. Pinnu ohun tí o lè sọ fún un tí kò ní jẹ́ ìbáwí, kí o sì fi ìdáhùn sí gbólóhùn àkọ́kọ́.